Púríńsípà fi sékúlà lórí AI ránṣẹ́ sí wa, ṣé kí n buwọ́ lù ú?

Ìyá Tọ́míwá (Kúbwà)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Àbújá. Ọmọ mi wà ní SS2 ní skúùlù àdáni kan níbí, púríńsípà wọn wá fi sékúlà ránṣẹ́ sí gbogbo òbí, ká buwọ́ lù ú ká dá a padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ohun tó wà nínú ẹ̀ rèé:

"Láti táámù yìí lọ, ọmọ lè bi AI léèrè nǹkan tí kò yé e nínú lẹ́sìn, àmọ́ kò gbọdọ̀ da ohun tí AI kọ sínú ìwé kó pè é ní tiẹ̀. Ẹni tó bá lò ó, kó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ asáínmẹ́ǹtì pé òun lò ó àti ohun tí òun bi í. Àwọn tíṣà á máa fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò wo asáínmẹ́ǹtì bóyá AI ló kọ ọ́. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá fún ju 40% lọ, lẹ́ẹ̀kíní, òdo ni, a ó sì pe òbí. Lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ á pàdánù gbogbo máàkì 15 tó wà fún asáínmẹ́ǹtì nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì yẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta, a ó ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan."

Mi ò ní kí wọ́n má ṣòfin o, ó yẹ kí òfin wà. Ibi ẹ̀rọ àti 40% yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ṣé kí n buwọ́ lù ú bẹ́ẹ̀, àbí nǹkan wà tó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè?

Bàbá Gwàrínpà

Ẹ buwọ́ lù ú jàre. Àwọn ọmọ yìí ò ronú mọ́, wọ́n á fi fóònù ya fọ́tò kúẹ́ṣọ̀n, wọ́n á da ìdáhùn kọ, wọ́n á wá lọ sùn. Tó bá di gbọ̀ngàn WAEC ta ló fẹ́ bá wọn mú fóònù wọlé? Ní ti ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni, kì í ṣojúsàájú, ìyẹn gan-an ló fi dáa ju tíṣà lọ. Tó bá sọ pé 60%, á jẹ́ pé nínú ọ̀rọ̀ 100 tí ọmọ kọ, 60 ti ọ̀dọ̀ AI wá nìyẹn. Ìṣirò ni.

Tíṣà Mínnà

Ìyá Tọ́míwá, ẹ kú àníyàn. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS ní Mínnà, a sì ti ṣe irú sékúlà yìí ní skúùlù tèmi, mo wà nínú àwọn tó jókòó kọ ọ́. Apá àkọ́kọ́ nínú tiyín dáa gan-an. Kí ọmọ lè béèrè ohun tí kò yé e, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun béèrè, ọ̀pọ̀ skúùlù ò tíì ronú débẹ̀. Ibi tó ti wọ́ ni pé ẹ̀rọ nìkan ló ń dájọ́. Kò sí ibì kankan nínú ohun tí ẹ kọ síbí tí wọ́n ti ní kí tíṣà pe ọmọ kó bi í léèrè kó tó fún un ní òdo.

Bàbá Gwàrínpà, òótọ́ díẹ̀ wà nínú tiyín, pé àwọn ẹ̀rọ kan wà tí nọ́ńbà wọn ń sọ pé ìwọ̀n báyìí nínú iṣẹ́ yìí ló jọ ti AI. Àmọ́ àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà tiwọn ń sọ bó ṣe dá ẹ̀rọ lójú tó pé AI ló kọ gbogbo ẹ̀. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ gan-an, sékúlà yẹn ò sì sọ irú èyí tí wọ́n máa lò. Àti pé "ó jọ" ni ẹ̀rọ lè sọ, kò lè sọ pé "ó wá láti ọ̀dọ̀". Kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ohun tó ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ jẹ́ èyí tí èèyàn lè tètè máa retí, bí gbólóhùn bá ń lọ gééré láìsí ibi tó ti yà, á ní AI ni.

Ẹ wá wo bí àwa fúnra wa ṣe ń kọ́ ọmọ láti kọ ẹ́sè. A ní kó bẹ̀rẹ̀ báyìí, kó fi "firstly" sí ìpínrọ̀ kejì, kó parí ẹ̀ báyìí, kó lo àwọn ọ̀rọ̀ tó mọ̀ kó má baà ṣìpẹ́lì. Ọmọ tó bá gbọ́ràn sí wa lẹ́nu jù, iṣẹ́ ẹ̀ ló máa ń rọrùn fún ẹ̀rọ láti retí. Lọ́dún 2023 àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford kó ẹ́sè 91 tí àwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn kọ fún ìdánwò TOEFL, àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn, wọ́n fi wọ́n sínú ẹ̀rọ ayẹ̀wò 7. Tí a bá pín in dọ́gba, àwọn ẹ̀rọ yẹn ní AI ló kọ ju ìdajì lọ. Wọ́n tún fi ẹ́sè àwọn ọmọ skúùlù Amẹ́ríkà sínú ẹ̀rọ kan náà, èyí tí wọ́n ṣì mú níbẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ sọ fún mi, ọmọ Kúbwà jọ ti ibo?

Kódà OpenAI tó ṣe ChatGPT gbé ẹ̀rọ ayẹ̀wò tiwọn jáde ní Jánúárì 2023, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní Júláì ọdún yẹn torí pé kò péye tó. Wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé 26% péré ló ń mú nínú èyí tí AI kọ, ó dẹ̀ ń fẹ̀sùn kan èèyàn lọ́nà àìtọ́ ní 9%. Ní kíláàsì ọmọ 45, 9% yẹn jẹ́ ọmọ 4 tí wọn ò ṣe nǹkan kan. Àwọn tòde òní ti dáa ju ìyẹn lọ, àmọ́ kò sí èyí tó dáa débi tó fi lè dájọ́ òun nìkan.

Màmá Ìbejì (Sààríà)

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ ni? Torí àwọn ìbejì mi ò ní kọ̀ǹpútà, fóònù mi ni wọ́n ń lò, wọ́n máa ń bi Meta AI tó wà lórí WhatsApp mi ní Máàsì nígbà tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá wọn wà ní Kàdúná, èmi ò dẹ̀ mọ Máàsì SS. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n má lò ó mọ́, ta ló máa kọ́ wọn? Láàárọ̀ yìí náà ni tíṣà wọn kọ "see me" sí ìwé Táíwò torí pé ọ̀nà tó gbà ṣe é kọ́ ni wọ́n kọ́ wọn.

Ìyá Tọ́míwá (Kúbwà)

Rárá o Màmá Ìbejì, wọn ò sọ̀rọ̀ fóònù. Àwọn ọmọ lè béèrè, dída kọ ni wọn ò fẹ́.

Tíṣà Mínnà

Màmá Ìbejì, tíṣà tó kọ "see me" yẹn ṣe dáadáa, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò ò wúlò rárá fún Máàsì, ọ̀rọ̀ gígùn ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tí tíṣà Máàsì ń wò ni ọ̀nà. Ká ní wọ́n fún wọn ní 2x + 3y = 12 àti x − y = 1, tíṣà sì ti kọ́ wọn láti fi y + 1 rọ́pò x. Ọmọ wá fi mátíríìsì ṣe é, ọ̀nà tí wọn ò tíì dé nínú síléébù, tí kò sí ibi tó ti paarẹ́ rárá, ó kàn ní x = 3, y = 2. Ìdáhùn yẹn tọ̀nà. Tíṣà á wá yí 12 sí 17, á ní kó ṣe é lójú òun. Tó bá yé e, kò ní pẹ́ tó fi máa rí i pé x = 4, y = 3, ì báà jẹ́ mátíríìsì ló fi ṣe é, ọ̀nà tó bá wù ú ni. Tí kò bá yé e, á máa wo bébà. Ẹ jẹ́ kí Táíwò ṣe irú ẹ̀ nílé: tí AI bá ti ṣàlàyé tán, kó pa fóònù dé, kó yí nọ́ńbà kan padà, kó tún un ṣe fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn náà kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun bi AI léèrè.

Adé Lùgbẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa torí ó jọ ohun tí Ìyá Tọ́míwá ń bẹ̀rù gan-an. Skúùlù kan lápá ibi tí à ń gbé ni, mi ò ní dárúkọ wọn. Ọmọbìnrin mi wà ní SS1 nígbà yẹn, wọ́n ní kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí éríà káńsù ibi tí wọ́n ń gbé ń ṣe. Àwa wà lábẹ́ AMAC, ó kọ ọ́ lójú mi, ó tilẹ̀ bi mí nípa ọjà àti àwọn kòtò omi ìdọ̀tí tó wà níwájú àdúgbò wa. Tíṣà tẹ iṣẹ́ yẹn sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní 78%. Wọ́n dárúkọ ẹ̀ ní asẹ́ńbìlì kí wọ́n tó pè mí.

Mo dé ọ́fíìsì, mi ò pariwo. Mo mú ìwé jákájàka tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sí lọ́wọ́, ibi tó ti pa nǹkan rẹ́, ibi tó fi ọfà gbé gbólóhùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Wọ́n ní ọmọ lè ṣe ìyẹn lẹ́yìn tó ti da AI kọ tán. Ó dáa. Mo wá ní kí wọ́n gbé ìwé kíláàsìwọ́ọ̀kì ẹ̀ wá, èyí tó kọ ní táámù kìíní nínú kíláàsì tí tíṣà yẹn dúró lé wọn lórí, tí kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n tẹ ìyẹn náà sínú ẹ̀rọ níwájú mi. Ó bọ́ sí 64%. Yàrá yẹn pa lọ́lọ́. Wọ́n yọ òdo yẹn kúrò, àmọ́ kò sẹ́ni tó padà sí asẹ́ńbìlì láti sọ pé kò jẹ̀bi. Ìyẹn ṣì ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ èyí, torí ó pẹ́ kó tó tún nawọ́ dáhùn kúẹ́ṣọ̀n nínú kíláàsì.

Bàbá Gwàrínpà

Adé, ẹ pẹ̀lẹ́, ìyẹn ò dáa rárá. Mo gbà pé kí wọ́n má fi ẹ̀rọ nìkan dájọ́. Àmọ́ ẹ̀yin tíṣà, tí ẹ bá yọ ẹ̀rọ kúrò, kí ló kù lọ́wọ́ yín? Kí tíṣà kàn máa sọ pé "ọkàn mi ò gbà pé ìwọ lo kọ ọ́"? Ibẹ̀ gan-an ni ojúsàájú máa gbà wọlé, ọmọ tí tíṣà ò fẹ́ràn ló máa forí fá a.

Tíṣà Mínnà

Ìbéèrè tó dáa ni. A ò yọ ẹ̀rọ pátápátá, ohun tí a sọ ni pé ó lè mú kí tíṣà pe ọmọ, kò lè mú kó fún un ní òdo. Kò sí nọ́ńbà kankan nínú sékúlà tiwa. Tí tíṣà bá fura, á kọ́kọ́ wá kíláàsìwọ́ọ̀kì ọmọ yẹn méjì tó kọ lójú ẹ̀, á gbé wọn ka ẹ̀gbẹ́ asáínmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà á pe ọmọ, tíṣà kejì á jókòó tì wọ́n, ìyẹn ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ojúsàájú tí ẹ sọ. Wọ́n á bi í ní ohun tó wà nínú iṣẹ́ ẹ̀ gan-an, wọn ò ní bi í ní ohun tó wà nínú ìwé kíkà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan ṣàpẹẹrẹ. A ní kí àwọn ọmọ kọ ibi tí omi tí wọ́n ń lò nílé ti ń wá. Ọmọkùnrin kan kọ ojú ewé kan tó dán, bí ìjọba ṣe ń tọ́jú omi, bí wọ́n ṣe ń fi klorín sí i, bí páìpù ṣe ń gbé e dé ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ fún un ní 12%, ó mọ́ kedere lójú ẹ̀rọ, torí ó ti fi ẹnu ara ẹ̀ yí àwọn gbólóhùn yẹn padà díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ àdúgbò tó ń gbé ò ní páìpù omi kankan, mẹ́ruwà ló ń ta omi fún wọn, gbogbo wa la mọ̀. Tíṣà bi í pé ta ló ń gbé omi wá sílé yín, ó sọ orúkọ mẹ́ruwà wọn. Ó ní èló ni kẹ́ẹ̀gì kan, ó sọ ọ́. Ó ní kí ló dé tí kò sí nínú iṣẹ́ rẹ, ọmọ dákẹ́. Wọ́n bi í pé kí ni klorín ń ṣe nínú omi, kò mọ̀. Ó jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀ pé ChatGPT ni. Ẹ̀rọ tó fẹ̀sùn kan ọmọ Adé, irú ẹ̀ náà ló dá ọmọ tiwa sílẹ̀.

Ohun tí a yí padà lẹ́yìn ìyẹn ni kúẹ́ṣọ̀n fúnra ẹ̀. Tí tíṣà bá ní kí wọ́n kọ "ìwúlò omi", AI á kọ ọ́ ju gbogbo wọn lọ. Tó bá ní kí wọ́n kọ ohun tí ìyá wọn san fún omi lọ́sẹ̀ yìí àti ìdí tó fi wọ́n ju tìgbà òjò lọ, ọmọ ò ní ṣàì bi ìyá ẹ̀.

Ìyá Àṣàkẹ́ (Wúsé)

Láwọ́yà ni mí, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ìyá Tọ́míwá, kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ bi wọ́n pé orúkọ ẹ̀rọ wo ni, àti pé ṣé wọ́n á máa fi iṣẹ́ ọmọ sí i pẹ̀lú orúkọ àti kíláàsì ẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ohun ìdánimọ̀ ọmọdé sí pàtàkì, tó bá sì jẹ́ àṣẹ ẹni tó ni dátà ni skúùlù fẹ́ gbára lé, ti ọmọdé, òbí ló ń fún un. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí wọ́n yọ orúkọ kúrò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ìkejì, ChatGPT fúnra wọn sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 13 ò gbọdọ̀ lò ó, ẹni tí kò tíì pé 18 gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ òbí. Sékúlà tó ní ọmọ lè lò ó yẹ kó bi òbí bóyá òun gbà, mi ò rí ìyẹn nínú ohun tí ẹ kọ síbí.

Àti pé bíbuwọ́ lù ú lè jẹ́ "mo ti rí i", ó sì lè jẹ́ "mo fara mọ́ ọn". Ẹ kọ èyí tí ẹ bá fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín.

Adé Lùgbẹ́

Ọ̀rọ̀ gidi. Èmi náà ní ìbéèrè kan fún Tíṣà Mínnà o. Ọmọ tèmi, tí tíṣà méjì bá jókòó níwájú ẹ̀, á gbàgbé orúkọ ara ẹ̀. Ọmọ tí ojú ń tì, ṣé tiẹ̀ ò ní dà bíi pé kò mọ nǹkan tó kọ?

Tíṣà Mínnà

Ó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán láàárín àwa náà. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa ń fún un ní bébà, kó jókòó sí ibi jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 15, kó kọ ìpínrọ̀ kan lórí nǹkan kan náà láìwo èyí tó kọ́kọ́ kọ. A ò wá kó bá a mu ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, èrò ẹ̀ là ń wá. Àmọ́ kíláàsì tó ní ọmọ 45, tíṣà tó ní kíláàsì márùn-ún, kò lè ṣe é fún gbogbo ẹni tó bá fura sí. Àwọn kan láàárín wa ti ń sọ pé kí máàkì asáínmẹ́ǹtì dín kù, kí ti kíláàsìwọ́ọ̀kì pọ̀ sí i. Àwọn kan ní ìyẹn á jẹ́ kí ọmọ má kàwé nílé mọ́. Èmi ò tíì mọ apá ibi tí mo wà.

Ìyá Tọ́míwá, nǹkan kan ṣì kù. Púpọ̀ nínú asáínmẹ́ǹtì wọn, inú ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, àbí? Ojú ewé kan ò ju bí ọ̀rọ̀ 200 lọ. Turnitin, tí àwọn yunifásítì ń lò, ń fẹ́ ọ̀rọ̀ 300 ó kéré tán kó tó lè wo AI, tí ohun tó rí bá sì kéré sí 20%, kì í fi nọ́ńbà hàn nítorí kó má baà ṣi ẹni mú. Tíṣà tó bá ń tẹ ojú ewé kan sínú ẹ̀rọ lè máa tún ìṣìpẹ́lì ọmọ ṣe bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀, àṣìṣe tó fi hàn pé ọmọ ló kọ ọ́ á sì pòórá. Ẹ bi púríńsípà nípa ìyẹn.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni Tọ́míwá fi ń kọ ọ́, kó máa lo Google Docs. Ní orí kọ̀ǹpútà tí ẹ bá tẹ `File`, lẹ́yìn náà `Version history`, lẹ́yìn náà `See version history`, ẹ máa rí bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń dàgbà àti aago tó ń kọ ọ́. Iṣẹ́ tí ọmọ kọ fúnra ẹ̀ máa ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn máa ń yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ẹ̀rí tó parí gbogbo ẹjọ́ torí ọmọ lè jókòó tẹ̀ ẹ́ láti ojú fóònù, ṣùgbọ́n ó sàn ju 78% lọ.

Ìyá Tọ́míwá (Kúbwà)

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti kọ lẹ́tà kékeré sí púríńsípà. Mo ní mo fara mọ́ òfin pé kí ọmọ má da AI kọ, mo sì fún Tọ́míwá láyè láti máa bi AI léèrè. Mo wá bẹ̀ wọ́n kí nọ́ńbà ẹ̀rọ má jẹ́ ìdájọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ wo kíláàsìwọ́ọ̀kì ẹ̀, kí wọ́n bi í léèrè níwájú tíṣà kejì, kí wọ́n pe àwa òbí kí òdo tó wọ ìwé, kí wọ́n má sì dárúkọ ọmọ kankan ní asẹ́ńbìlì. Mo bi wọ́n ní orúkọ ẹ̀rọ náà, mo sì ní kí wọ́n yọ orúkọ ọmọ kúrò kí wọ́n tó fi iṣẹ́ ẹ̀ sí i.

Ìyá Tọ́míwá (Kúbwà)

Wọ́n ti fèsì o. Púríńsípà fúnra wọn ló pè mí. Wọ́n ní òbí mìíràn náà ti kọ̀wé. Wọ́n gbà pé wọ́n á máa bi ọmọ léèrè kó tó gba òdo, tíṣà méjì á sì wà níbẹ̀. Wọ́n gbà nípa asẹ́ńbìlì àti orúkọ ọmọ. Àmọ́ 40% ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ní bọ́ọ̀dù ló fi í sí i, àwọn á gbé e padà sọ́dọ̀ wọn. Jíjókòó sílé ọ̀sẹ̀ kan náà ṣì wà. Mo buwọ́ lù ú, mo kọ "mo ti rí i" sí i.

Màmá Ìbejì (Sààríà)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Táíwò ti yí nọ́ńbà padà bí Tíṣà ṣe ní kó ṣe, ó gba èyí àkọ́kọ́, kò gba ìkejì, ó ti padà lọ bá tíṣà ẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, tó bá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun bi AI léèrè, ṣé wọ́n á yọ máàkì ẹ̀ ni?

Tíṣà Mínnà

Ní skúùlù tiwa a kì í yọ ọ́, torí tí a bá ń yọ ọ́ kò sẹ́ni tó máa kọ òtítọ́ sílẹ̀ mọ́. Ní tiyín, ẹ bi tíṣà Máàsì ẹ̀ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ kí Táíwò tó kọ èyí àkọ́kọ́.